Oògùn ọ̀rẹ́ mi tó pa ooru lára mi: ṣé kí n máa lò ó lọ?

Tíṣà Lágere (Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nǹkan. Ọmọ ọdún 51 ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ooru kan ti máa ń ru láti àyà mi, á gun ọrùn, á gba ojú, òógùn á sì bò mí bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Òru ló burú jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pààrọ̀ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí wọ́n bá wá mú iná lọ tí fáànù dúró, ẹ má bi mí. Ní kíláàsì, mo ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí mo ti ń kọ́ láti oṣù kẹsàn-án.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń lo oògùn họ́mónù fún ọdún mẹ́ta fi páálí oògùn tirẹ̀ hàn mí. Ẹ́sítírójìn ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ra irú rẹ̀ ní kẹ́míìsì kan, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohunkóhun, mo sì ń lo ẹyọ kan lójúmọ́. Ká sòótọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ooru náà fi lọ. Mo ń sùn di àárọ̀. Kódà, láti bí ogúnjọ́ ni nǹkan oṣù mi ti tún ń yọjú díẹ̀díẹ̀, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àbúrò màmá mi ní jẹjẹrẹ ọmú nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ mi obìnrin ní oògùn yìí ló ń fà á. Dókítà kan tí mo bá níbi òkú ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Ìyálọ́jà Sábó (Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Èmi gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta yẹn lẹ́yìn ọmọ mi kẹrin, ara mi wú bí búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán tó tó tó fún bí oṣù márùn-ún. Ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ ni mo tó sinmi. Ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀ o.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́)

Ìyálọ́jà, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ ń sọ yẹn. Ti tíṣà yàtọ̀: àgbà obìnrin tí họ́mónù ara rẹ̀ ti wọlẹ̀ ni wọ́n ń fún ní èyí.

Ọkùnrin ni mí o, ẹ má bínú. Nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe kà nípa rẹ̀. Ní ọdún 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń dán oògùn yìí wò lára àwọn obìnrin tó lé ní 16,000. Wọn kò lè dúró kí àkókò tí wọ́n dá pé kí wọ́n tó dá a dúró, nítorí jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó. Kí lẹ tún ń bèèrè? Ẹ jù ú sí ṣáláńgá lálẹ́ yìí. Ooru kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Àṣàkẹ́ Ilésà (Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́)

Ooru kò pa yín rí, ẹ̀gbọ́n, nítorí pé ẹ kì í ṣe obìnrin.

Èmi ti ń lo ẹ́sítírójìn láti ọdún mẹ́fà. Ìju ló dà mí láàmú títí wọ́n fi gbé ilé ọmọ mi kúrò pẹ̀lú ibi tí ẹyin ti ń wá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ ọdún 43 ni mí nígbà náà. Mo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́, mo jáde bí arúgbó. Ní ọjọ́ kẹta ni ooru ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà mi ní kí n máa lo ẹ́sítírójìn títí n ó fi tó bí ọdún 51, nítorí egungun mi àti ọkàn mi kò gbọ́dọ̀ wà láìní i láti ìgbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Tíṣà, ẹ máa lò ó lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 5:40 àárọ̀)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun tán ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi sì fò. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọmú. Ẹ ò rí ohun tí tíṣà kọ sí ìsàlẹ̀ pé nǹkan oṣù òun ti ń yọjú? Tíṣà, ọmọ mi, ìbéèrè kan péré: ṣé ilé ọmọ yín ṣì wà níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ yín tó ń lo tirẹ̀ ńkọ́, ṣé tirẹ̀ ṣì wà?

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Ẹ́sítírójìn máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ hù, bí òjò ṣe ń mú koríko hù. Nígbà tí a ṣì ń rí nǹkan oṣù, họ́mónù kejì, purojẹ́sítírónì, ni ọkọ́ tó ń ro ó lóṣooṣù. Bí a bá wá fún obìnrin ní ẹ́sítírójìn nìkan, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó ń roko. Awọ náà á máa nípọn, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ibẹ̀. Bó bá sì pẹ́, àwọn kan nínú rẹ̀ á di jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Obìnrin bíi Àṣàkẹ́ tí wọ́n ti gbé ilé ọmọ kúrò kò ní oko tí koríko fẹ́ hù sí. Ìdí nìyẹn tí oògùn tó bá òun lára mu fi lè ba tíṣà jẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀kan lágídí, èkejì kò lágídí.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lẹ́yìn tí ọdún kan ti kọjá láìrí nǹkan oṣù, ì báà ṣe ẹyọ ẹ̀kán kan, kì í ṣe nǹkan oṣù. Ẹ máa gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ má lo oògùn yẹn lónìí. Ẹ má sì jù ú nù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Ẹ mú páálí rẹ̀ lọ fún dókítà àwọn obìnrin kí ó rí iye miligíráàmù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ. Wọn á fi sikáànù wọn bí awọ inú ilé ọmọ ṣe nípọn tó. Bó bá kọjá ìwọ̀n, wọn á gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Àti pé bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ padà sí i lọ́nà tó yẹ, ọdún márùn-ún ni òpin rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Lágere (Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀)

Ẹ̀jẹ̀ mi dì. Ilé ọmọ mi wà níbẹ̀ o, mà. Mo pe ọ̀rẹ́ mi báyìí. Ó ní wọ́n ti gbé tòun kúrò láti ìgbà ìbí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún, n kò mọ̀.

Alágbo Mọ̀ọ̀rẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 11:20 àárọ̀)

Òyìnbó ló ń dá yín lójú. Àgbo wà tó ń fọ ilé ọmọ mọ́, tó sì ń mú ooru rọ̀. Sóyà náà dára, ẹ máa mu wàrà sóyà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ kí n pè yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 11:48 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kán ná. Àgbo tó bá dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró fún oṣù méjì lè bo ohun tó yẹ kí dókítà rí mọ́lẹ̀. Ti sóyà, kò burú fún jíjẹ, àwọn kan ní ó dín ooru àwọn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ́sítírójìn. Tíṣà, ẹ má fi nọ́ńbà kankan síbí.

Apòògùn Ẹnúwá (Ọjọ́ Ajé, 7:02 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Apòògùn ni mí. Ojú ń tì mí fún ẹni tó ta oògùn yẹn láìbéèrè bóyá ilé ọmọ wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, ìṣẹ́jú kan kò gbà.

Mo fara mọ́ ohun gbogbo tí Màmá Nọ́ọ̀sì sọ, àfi ti ọdún márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, kò sí gbèdéke kan fún gbogbo ènìyàn. Lọ́dọọdún ni obìnrin àti dókítà rẹ̀ máa tún jókòó, kí wọ́n wò ó bóyá ooru ṣì wà, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé, kí wọ́n sì dín in kù tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá wa ni pé bí a bá ṣe ń lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú purojẹ́sítírónì pẹ́ tó ni ewu jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń ga díẹ̀ sí i.

Sí ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣómàáló: ìwádìí ọdún 2002 tí ẹ sọ, òótọ́ ni, wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iye tó wà nínú rẹ̀. Nínú obìnrin 10,000 tí wọ́n ń fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, bí 30 ló ń ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́dún kan. Nínú 10,000 tó ń lo ẹ́sítírójìn papọ̀ pẹ̀lú purojẹ́sítínì, ìyẹn irú purojẹ́sítírónì àtọwọ́dá, bí 38 ni. Mẹ́jọ ló fi lé. Rọpárọsẹ̀ náà fi bí mẹ́jọ lé, ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró náà bẹ́ẹ̀. Ní ọwọ́ kejì, egungun ìbàdí tó ń ṣẹ́ dín ní márùn-ún, jẹjẹrẹ ìfun ńlá dín ní mẹ́fà. Àròpín ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 63. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dáwọ́ nǹkan oṣù ró láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 51 nítorí ooru tí kò jẹ́ kó sùn kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú wọn. Àwọn tí kò ní ilé ọmọ, tó ń lo ẹ́sítírójìn nìkan, wà nínú apá mìíràn ìwádìí náà. Wọ́n dá ìyẹn dúró ní 2004 nítorí rọpárọsẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ sí i lára wọn.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́)

Mẹ́jọ nínú 10,000. Ẹ ń kà á bí ẹni ń ka ọsàn. Bó bá jẹ́ ìyàwó yín ni ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà ńkọ́?

Apòògùn Ẹnúwá (Ọjọ́ Ajé, 8:11 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, n kò ní èsì sí ìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni kò fi yẹ kí èmi tàbí ẹ̀yin bá tíṣà pinnu. Ẹni tí òru kò dùn fún ló mọ ohun tó lè fi san án.

Ohun kan tó yẹ kí ó mú lọ bá dókítà: oògùn oníhóró àti èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara kò rí bákan náà. Èyí tí a bá gbé mì kọ́kọ́ ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì mú kí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀ sí i. Èyí tí a lẹ̀ mọ́ ìbàdí, tàbí jẹ́ẹ̀lì tí a fi pa apá, gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ohun tí àwọn ìwádìí ń fi hàn ni pé tiwọn kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì bíi ti oníhóró. Fún ẹni tó sanra, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló sàn jù. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò pọ̀ nílùú wa. Èmi a máa pe Ìbàdàn kí n tó rí i. Nínú ooru ilẹ̀ yìí, ó sì lè ṣí bí òógùn bá pọ̀, nítorí náà abẹ́ ìdodo tàbí ìdí ni kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, lórí awọ gbígbẹ tí a kò fi ìpara pa. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú láé.

Àṣàkẹ́ Ilésà (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tíṣà. N kò bèèrè kí n tó sọ pé kó máa lò ó.

Tíṣà Lágere (Ọjọ́bọ̀, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Mo lọ lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ni. Mo ti rò pé bó bá ṣe rí páálí náà ló máa bú mi. Kò bú mi. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí n dákẹ́ láti máa sọ pé "nǹkan oṣù".

Ó bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ṣé ẹsẹ̀ mi kan ti wú rí pẹ̀lú ìrora, èkejì kò wú? Ṣé mo ti ní àrùn ẹ̀dọ̀? Nígbà tó dé orí àbúrò màmá mi, ó bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá màmá mi fúnra rẹ̀ tàbí àwọn àbúrò mi obìnrin ní irú ẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ẹnìkan ṣoṣo, tó sì jẹ́ àbúrò ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta, kò ti ilẹ̀kùn pa fún mi, ṣùgbọ́n kò ní fojú fò ó. Mo gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọmú kí a tó sọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru mi jẹ́ 158 lórí 96. N kò mọ̀ rí pé mo ní i. Sikáànù ní awọ inú ilé ọmọ mi jẹ́ milimítà 13. Ó ní fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán, mẹ́rin ni àwọn ń fẹ́, kó má jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín kan mú díẹ̀ níbẹ̀. Ó dun mí bí ìgbà tí inú ń run mí nígbà èwe mi, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Mo ń dúró de láàbù.

Ooru ti padà láti àná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́bọ̀, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé tí ẹ lọ. Aṣọ òwú ni kí ẹ máa wọ̀ sùn, ẹ fi abọ́ omi tútù àti aṣọ ìnura sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò wo nǹkan sàn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa dìde tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìyálọ́jà Sábó (Ọjọ́bọ̀, 8:18 alẹ́)

A ń gbàdúrà. Mo tún fẹ́ bèèrè, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí mo sọ, ṣé ó lè mú awọ yìí nípọn? Ara ń fu mí.

Apòògùn Ẹnúwá (Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́)

Rárá, ìyá. Irú purojẹ́sítírónì ni ó wà nínú tiyín, ìyẹn ọkọ́ tí Màmá Nọ́ọ̀sì sọ, kì í ṣe òjò. Ó máa ń sọ awọ náà di tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán yín nígbà náà jẹ́ ti awọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Tíṣà Lágere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì sí i, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Èsì ti dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Lágere, awakọ̀ rò pé òkú ni mo gbọ́.

Ohun tí wọ́n kọ ni pé awọ náà ti hù jù, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tíì yí padà sí burúkú. Dókítà ní bí mo bá lò ó fún ọdún méjì-mẹ́ta sí i, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó dá ẹ́sítírójìn dúró pátápátá. Oògùn purojẹ́sítínì ni mo ń lò lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà báyìí, lẹ́yìn náà wọ́n á tún mú awọ náà wò. Ó bá mi lójijì pé ooru náà dín kù díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan.

A wá jókòó sọ̀rọ̀ ohun tó kù. Mo ní òun ni kó sọ ohun tí n ó ṣe. Ó ní rárá, kí n kọ́kọ́ sọ bí ooru náà ṣe ń dà mí láàmú tó. Mo sọ ti kíláàsì, mo sọ pé mo ti bú ọmọ ẹlòmíràn torí pé n kò sùn. Ó ní bí awọ bá ti padà sípò, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wálẹ̀, tí àwòrán ọmú bá mọ́, òun lè fún mi ní èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, ní ìwọ̀n tó kéré jù, pẹ̀lú purojẹ́sítírónì lálaalẹ́, n kò sì gbọdọ̀ fo ìyẹn kọjá. Tí n kò bá fẹ́ họ́mónù mọ́, ó ní oògùn kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń dín ooru kù, kò sì ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ilé ọmọ. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹ́sítírójìn. Kò ní kí n mú èyíkéyìí. Ọmọ mi ní kí n má ṣe sún mọ́ họ́mónù mọ́. Ọkọ mi ní ohun tó bá jẹ́ kí n sùn ni kí n ṣe. Èmi kò tíì mọ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 alẹ́)

Ẹ kú oríire. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo ti fi ohun tí apòògùn kọ han ìyàwó mi. Ó ní kí n lọ mú nọ́ńbà dókítà yín wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́)

Inú àpótí ìkọ̀kọ̀ ni ká ti ṣe ìyẹn. Tíṣà, oṣù mẹ́fà náà, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà lónìí. Mo ti rí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dá, tí wọn kò padà wá fún àyẹ̀wò kejì.

Tíṣà Lágere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́)

Mo ti kọ ọ́, mà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Páálí tó kù nílé, mo ti kó o fún ọ̀rẹ́ mi, nítorí òun ló tọ́ sí.

Apòògùn Ẹnúwá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:51 alẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni òun náà rí dókítà kẹ́yìn? Ṣé ẹnikẹ́ni ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yìí?